Ẹni Tó Yẹ Kó Fi Bàbá Bwembya Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ẹ má bá mi wí o. Àwọn ni wọ́n ní kí n wá fi Bàbá Bwembya ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi Zelipa Nzima, ẹnu mi kì í dákẹ́ lóòótọ́, gbogbo èbúté Mpulungu ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò bẹ ẹnikẹ́ni fún iṣẹ́ yẹn. Ọ̀gá Hamoonga, máníjà wa, ló ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ òkú.

"Zelipa, lọ́jọ́ Ẹtì ni bàbá máa fẹ̀yìn tì. Ìwọ ni mo fẹ́ kó o sọ̀rọ̀ ìdágbére. Ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín ni mo fẹ́. Kí gbogbo wa rẹ́rìn-ín, kí bàbá náà rẹ́rìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹjọ́ wa sun àwọn ọ̀gá ní Lusaka."

"Ọ̀gá, ẹ fẹ́ kí n wẹ̀ kí n má sì tutù."

"Èmi ò mọ̀yẹn. Ìwọ ni ìbátan ẹ̀fẹ̀ rẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ngoni ni mí, Bemba ni Bàbá Bwembya. Àwọn baba ńlá wa bá ara wọn jà títí ó fi sú wọn, láti ìgbà náà ẹnu la fi ń ja ogun yẹn. Chimbuya là ń pè é. Mo lè pe bàbá ní ajẹ̀bọ, ẹni tó ń jẹ ọ̀bọ, lójú àwọn àna rẹ̀, òun náà lè pè mí ní ajẹku, ẹni tó ń jẹ eku, kó sì bi mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé eku mélòó ni mo pa láàárọ̀. Ẹni tó bá bínú, adìyẹ ni yóò fi tanràn. Tí ẹnìkan nínú wa bá sì kú, àwọn ìbátan ẹ̀fẹ̀ láti òdìkejì ló ń wá sí ibi òkú, tí wọ́n ń bú u, tí wọ́n ń sín in jẹ, títí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ á fi rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á sì tún lè jẹun. Àwọn àgbà wa ní òkú tí wọn ò bá bú, ẹnu ọ̀nà ló ṣì jókòó sí.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Iṣẹ́ rédíò ni Bàbá Bwembya ń ṣe. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, á jókòó síwájú ẹ̀rọ náà nínú yàrá kékeré tó kọjú sí adágún, á máa pe àwọn ọkọ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àlùfáà tó ń pe ọmọ níbi ìrìbọmi. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á dáhùn, á sọ ibi tó wà. Atukọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí kò ní sọ̀rọ̀, á kàn tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì, kẹ̀-kẹ̀, ìyẹn ni pé mo gbọ́, àlàáfíà ni mo wà. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti dáhùn tán, bàbá á dákẹ́ díẹ̀, á wá tún tẹ bọ́tìnì, á ní: "Mwaiseni, Mwaiseni. Èbúté ń pè ọ́."

Ariwo bíi ti omi gbígbóná tó ń hó nìkan lẹ̀rọ náà máa ń pa. Á dúró, á gbọ́ ọ, á pa á, á sì ti ilẹ̀kùn.

Kò sí ọkọ̀ kankan tó ń jẹ́ Mwaiseni mọ́. Ìjì ló gbé e mì tòun ti atukọ̀ rẹ̀, Jere, kí n tó dé èbúté yìí. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí pákó. Ngoni ni Jere, ará Chipata bíi tèmi, òun sì ni ìbátan ẹ̀fẹ̀ Bàbá Bwembya, ọ̀rẹ́ àtàtà. Láti ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gbọ́ ìpè yẹn láti ara ògiri ọ́fíìsì mi. Ẹni tó ń rìn á dúró. Ẹni tó ń ka àpò kapenta, ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ, á dá kíkà dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, kálukú á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan, nǹkan kan á dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí máníjà gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, ìyàwó bàbá wá bá mi nílé. Ìyá Mwenya là ń pè é. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Zelipa, wọ́n ní ìwọ lo máa sọ̀rọ̀."

"Èmi ni, màmá. Kí lẹ fẹ́ kí n yọ kúrò?"

"Sọ ohun tó bá wù ọ́. Èmi náà mọ̀ pé ọkọ mi ń hanrun bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo. Ohun tó gbé mi wá kọ́ nìyẹn." Ó wo ilẹ̀. "Bàbá Mwenya kò fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn sílẹ̀. Ó ti lọ bẹ máníjà pé kí wọ́n gba òun ṣe ọlọ́dẹ. Ọlọ́dẹ o, Zelipa! Lọ́jọ́ orí rẹ̀! Ó ní tí òun bá lọ sílé, ta ni yóò máa pe Jere? A ti kọ́lé sí Kasama, àwọn ọmọ ọmọ ń retí wa. Tí ó bá kúrò níbí láì tíì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn tán, kò ní kúrò rárá ni. Etí omi ni yóò máa jókòó títí tí yóò fi wọ inú rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo fún un ní etí aṣọ mi kó fi nu ojú.

"Ṣáà jẹ́ kó rẹ́rìn-ín," ó wí. "Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín tó dénú."

Mo mú iṣẹ́ náà ní òkúnkúndùn. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ níbi ìfẹ̀yìntì, ẹ kàn máa là á mọ́lẹ̀ ni, ẹ ò tíì rí ibi tí ẹ̀rín ti di ìjà. Asẹ́ ni mo fi ń jọ̀ ọ́. Àkọ́kọ́, ohun tí ẹni náà fẹnu ara rẹ̀ sọ rí, tàbí tó fi ń yangàn, ìyẹn ni kí o mú. Ohun tó ń fi pa mọ́, fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí kò sí lágbára rẹ̀ láti yí padà, àìsàn, ìrísí ara, ọmọ tí kò bí, má sún mọ́ ọn. Etí bàbá ti ń wúwo, ẹ̀rọ rédíò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mo ju gbogbo ẹ̀fẹ̀ etí nù, bí wọ́n tilẹ̀ dùn. Owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ń fi falẹ̀, kò sí ohun ẹ̀rín nínú ẹ̀. Ìyàwó ẹni náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó kan ilé. Tí ìtàn bá sì kan ẹlòmíràn nínú iṣẹ́, o gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ olúwarẹ̀, torí ẹni tí à ń sìn ló yẹ kó gba ọ̀kọ̀, kì í ṣe akọ̀wé tó jókòó jẹ́ẹ́ sí igun. Kí o sì kọ́kọ́ na ara rẹ lẹ́gba, kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé ọwọ́ rẹ kì í ṣe ọwọ́ ìkà. Ìwọ̀nba ìtàn díẹ̀, kí èyí tó le jù wà ní àárín, kí ọ̀wọ̀ kẹ́yìn. Ojú ẹni náà ni kí o máa wò, má wo ìwé.

Mo ṣètò pẹ̀lú Ìyá Mwenya pé tí ọkọ rẹ̀ kò bá gbádùn ohun kan, kó gbá gèlè rẹ̀ mú, mo máa fo ibẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtàn jọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Kasonde tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù ní, "Ṣé o ti gbọ́ ti òbúkọ? Òbúkọ já lórí ọkọ̀ Burundi, bàbá lé e títí wọ́n fi jọ bọ́ sómi. Ọ̀pá onírin ni Jere fi kọ́ ṣòkòtò rẹ̀ fà á jáde. Jere ní òun kò mọ èwo ni òbúkọ!"

Ẹlòmíràn ní, "Ti àga ńkọ́? Jere so ọ̀bọ kékeré kan mọ́ àga bàbá, ó ní oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ dé. Bàbá náà fi eku gbígbẹ sínú àpòòwé ìjọba, ó lẹ sítáńbù mọ́ ọn, ó fi ránṣẹ́ sí Jere."

Gbogbo ìtàn tó dùn, Jere ló wà nínú ẹ̀. Mo yí wọn sọ́tùn-ún, mo yí wọn sósì. Bàbá fúnra rẹ̀, láti ìgbà tí omi ti gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò ṣe ohun ẹ̀rín kankan mọ́, àfi àgádágodo tó fi sí agolo ṣúgà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ tí mo kọ lọ fún máníjà. Ó fi báírò pa ibi tí mo ti pe bàbá ní ajẹ̀bọ.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà nìyí, Zelipa. Òfin iṣẹ́ kò gbà á."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin Tonga, ẹ̀yin náà ní ìbátan ẹ̀fẹ̀. Tí mi ò bá pè é ní ajẹ̀bọ, á rò pé mo ń bá òun ṣọ̀tá."

Ó ronú. "Ó dáa. Láàárín ìwọ àti òun nìkan. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ gbà á lẹ́nu rẹ. Ṣùgbọ́n Jere..." Ó pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Má dárúkọ òkú yẹn. Egbò ni. Má fọwọ́ kàn án."

Èmi náà rò pé ó gbọ́n. Ohun tó ń fi pa mọ́, fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ṣé kì í ṣe òfin tèmi náà nìyẹn? Níbi gbogbo tí Jere ti wà, mo fi "ẹnìkan" rọ́pò rẹ̀. Ẹnìkan fa bàbá jáde nínú omi. Ẹnìkan so ọ̀bọ mọ́ àga. Mo kà á sókè nílé, ó ń dùn lẹ́nu. Mo tilẹ̀ yin ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Gbọ̀ngàn oúnjẹ la lò. Nshima, òkèlè tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àgbàdo rò, wà, ẹja búka-búka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi wà, ohun mímu munkoyo kún garawa. Bàbá Bwembya jókòó síwájú nínú kóòtù rẹ̀, Ìyá Mwenya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yàrá rédíò sì ń fì lórí okùn lọ́rùn bàbá bí àgbélébùú. Máníjà ti béèrè rẹ̀ láàárọ̀, bàbá ní, "Ó di ìrọ̀lẹ́."

Mo gba máìkì.

"Ẹ káàsán o. Wọ́n ní kí n má pẹ́. Èmi tí mo fi ìwé àṣẹ ọkọ̀ wé búrẹ́dì lọ́dún tí mo dé, tí máníjà àtijọ́ fi wá a káàkiri, èmi ni wọ́n ní kí n wá sọ àléébù ẹlòmíràn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí bàbá. Lójoojúmọ́, "ẹ̀yin" ni mò ń pè é. Lọ́jọ́ yẹn mo já okùn ọ̀wọ̀.

"Bwembya! Ajẹ̀bọ! Wọ́n ní ò ń lọ sílé. Àwọn ọ̀bọ Kasama ti gbọ́, wọ́n ti ń di ẹrù wọn."

Gbọ̀ngàn hó. Bàbá mirí, ẹ̀rín fẹ́ẹ́ kan sì yọ létí ẹnu rẹ̀. "Ajẹku," ó kùn. Ayọ̀ mi kún. Mo sọ ti ṣúgà, pé ọkùnrin yìí ń fi rédíò gbà wá là lójú omi, ó sì ń fi kófẹ́ẹ̀ tí kò ládùn pa wá lórí ilẹ̀. Wọ́n ń lu tábìlì. Mo sọ ti òbúkọ.

"Ẹnìkan wá fi ọ̀pá onírin kọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ẹnìkan ní òun ò mọ èwo ni òbúkọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà tètè tán. Mo rí Kasonde tó dorí kodò. Mo bọ́ sórí ti àga, ẹnìkan tún wà níbẹ̀. Ó wá dà bíi pé ẹnìkan náà ti wọlé, tó dúró lẹ́yìn, tí gbogbo wa sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ìyá Mwenya kò tíì gbá gèlè mú. Mi ò dúró. Ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí lára, mo sì ti kọ èyí tó le jù sí àárín.

"Lọ́jọ́ kan, kùrukùru bo adágún. Ẹnìkan gbé rédíò ọwọ́ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó yí ohùn padà, ó ní òun ni ọ̀gá ọkọ̀ ńlá kan láti èbúté Kigoma, òun ń bọ̀ wá gúnlẹ̀. Bwembya so táì mọ́rùn! Ó kó àwọn ọkọ̀ kéékèèké kúrò lójú ọ̀nà, ó kó àwọn èèyàn sétí omi pẹ̀lú okùn. Láàárọ̀ títí dọ̀sán, ó jókòó, ó ń pe ọkọ̀ tí kò sí..."

Ẹnu ara mi gan-an ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ń pe ọkọ̀ tí kò sí. Olúwa mi ò! Ìyá Mwenya ti gbá gèlè rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ìró omi adágún lára òkúta èbúté nìkan là ń gbọ́.

Bàbá Bwembya dìde.

"Ta ni ẹnìkan?"

Mo wo ojú máníjà.

"Mo ní ta ni ẹnìkan, Zelipa? Ta ló fà mí jáde nínú omi? Ṣé kò lórúkọ ni? Ìjì gbé e, ẹ̀yin náà tún wá gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Máníjà sáré dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àṣìṣe ni, a máa..."

"Ọ̀gá, ẹ jókòó!" Èmi ni mo pariwo mọ́ ọn. Mi ò mọ ìgbà tí ó jáde. Ìbínú mú mi, ìtìjú mú mi, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà wa ń sọ ti wá yé mi. Ìbátan ẹ̀fẹ̀ láti òdìkejì. Jere, Ngoni ni. Kì í ṣe èmi ló yẹ kó bú òkú rẹ̀, Bwembya ni.

Mo rìn lọ bá bàbá.

"Jere ni," mo wí. "Jere, ọmọ ilé wa. Nígbà tí omi gbé e, ta ló wá bá wa bú u?"

Ó wò mí.

"Àwọn èèyàn mi wá láti Chipata. Wọ́n jókòó, wọ́n sunkún, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà pé àwọn ajẹ̀bọ ń bọ̀ wá bú ọmọ wọn kí àwọn lè jẹun. Níbo lo wà, Bwembya?"

"Kò sí òkú," ó wí. Ohùn rẹ̀ wá kéré bíi ti ọmọdé. "Ta ni mo fẹ́ bú? Mo rò pé... tí mo bá bú u, mo ti gbà pé ó kú nìyẹn. Mo ní kí n máa pè é ná."

"Ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà náà. Gba èyí." Mo fi máìkì lé e lọ́wọ́. "Pè é."

Ó gbé máìkì sẹ́nu, bó ṣe máa ń ṣe.

"Mwaiseni, Mwaiseni. Èbúté ń pè ọ́."

Ní ilé wa, ẹni tí kò bá fẹ́ rí ìjàngbọ̀n kì í dáhùn ìpè tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo mọ̀. Mo dáhùn.

"Mo gbọ́ ọ, ajẹ̀bọ. Kí ló dé tó o fi ń pariwo mọ́ mi láti ọjọ́ yìí? Kí lo ní sọ?"

Ó di àga mú. Nígbà tó lanu, igbe ló jáde.

"Ajẹku! Olórí kunkun! Mo ní kó o má jáde! Mo ní ìjì ń bọ̀, o ní ìjì wo, o ní Bemba a máa sá fún òjò bí ológbò! O ò mọ̀ọ́ wẹ̀, ò ń wa ọkọ̀! Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? O so ọ̀bọ mọ́ àga mi, ó tọ̀ sórí ìwé mi, o ò nù ún! Ó jẹ́ pé nígbà tí àwọn ẹja bá ń jẹ ọ́, wọ́n á ní kí lèyí tó ń rùn bí eku yìí!"

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kasonde ni. Ó fọwọ́ bo ẹnu, kò ràn án. Ìyá Mwenya tẹ̀ lé e, gbogbo gbọ̀ngàn sì bú jáde, ẹ̀rín àti ẹkún nínú ẹnu kan náà. Máníjà gan-an ń nu ojú.

"Mo so táì mọ́rùn dè ọ́, ìwọ òpùrọ́ inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀!" Bàbá ń rẹ́rìn-ín, omijé ń ṣàn wọ irùngbọ̀n rẹ̀. "Èmi ló yẹ kó o bú lónìí. Ìwọ ló yẹ kó o dúró síbi tí Zelipa dúró sí. O ò ṣe é. O tún yẹ̀ ẹ́. Ó ti rẹ̀ mí, Jere. Máa lọ sílé. Èmi náà ń lọ sílé."

Ó gbé máìkì kalẹ̀. Ó bọ́ okùn kúrò lọ́rùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ní, "Adìyẹ kan ni ẹ̀tọ́ rẹ, ajẹku. Mo bínú." Ó wá jókòó, ó sì ní kí wọ́n bu nshima sí i fún òun.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ, mi ò parí rẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó sídìí rédíò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn títí wọ́n á fi rí ẹlòmíràn. Láti ojú fèrèsé, mo rí bàbá àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń gun òkè lọ síbi bọ́ọ̀sì. Kò wẹ̀yìn. Mo pe àwọn ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dáhùn. Ó kan ibi tí bàbá ti máa ń pe Mwaiseni. Ìka mi wà lórí bọ́tìnì, ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀, torí èmi ni mo dáhùn lọ́sàn-án, ìpè náà sì ti mọ ojú mi.

Mo tẹ́tí. Kò sí atukọ̀ kan tó ti pa rédíò tirẹ̀. Wọ́n wà lórí omi dúdú yẹn, gbogbo wọn, wọ́n ń retí. Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò rò ó rí pé àwọn náà ti ń gbọ́ ìpè yẹn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń dúró ti bàbá títí á fi pa á.

Mo tẹ bọ́tìnì. Mo ní, "Gbogbo ọkọ̀, èbúté ń sọ̀rọ̀. Mwaiseni ti gúnlẹ̀. Ó dàárọ̀ o."

Omi gbígbóná hó nínú ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kẹ̀-kẹ̀. Òmíràn, kẹ̀-kẹ̀. Òmíràn. Wọ́n ń tẹ bọ́tìnì wọn látojú omi, lọ́kọ̀ọ̀kan, láì sọ̀rọ̀, gbogbo wọn.

Mo mọ iye ọkọ̀ tó wà lójú omi lọ́jọ́ yẹn. Iye ìgbà tí bọ́tìnì dún, mi ò kà á. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣàì kà á ni.